Ṣé àkókò ti tó kí n ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí Kétu?

Ọlọ́jà Wàǹdó

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọdún keje rèé tí mo ti ń ta ìrẹsì, òróró, tòmátì alágolo, ṣúgà àti wàrà nítòsí ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ níbí. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, ọjà mi ń yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lóṣù tó kọjá mo ta 2,400,000 séfà, bẹ́ẹ̀ 1,850,000 ni mo tà nínú irú oṣù kan náà ní èṣí. Òróró máa ń tán kí Ọjọ́ Ẹtì tó pé, àwọn oníbàárà kan sì ń ti Kétu wá rajà lọ́wọ́ mi. Ọmọ Kétu ni èmi náà, mo sì ti rí yàrá kan níbẹ̀ tó kọjú sí títì. Onílé ń gba 20,000 lóṣù, ó ní kí n san oṣù mẹ́fà sílẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù méjì gẹ́gẹ́ bí ìdógò. Owó tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ 1,300,000. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé àwọn àmì tí mo rí yìí tó láti fi mọ̀ pé àkókò ṣọ́ọ̀bù kejì ti tó, kí ló sì yẹ kí n dán wò kí owó mi tó bọ́ sọ́wọ́ onílé?

Onípáàtì Kétu

Ìyá, ẹ kú ìmúra. Mo ń ta páàtì alùpùpù ní Kétu láti ọdún mọ́kànlá, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù méjì. Ní tèmi, àmì kan ṣoṣo tó láti fi pinnu: bí oníbàárà bá ń ti ọ̀nà jíjìn wá ẹ wá, ẹ lọ bá a nílé rẹ̀. Yàrá tó kọjú sí títì kì í pẹ́ nílẹ̀, bí ẹ bá fi falẹ̀, ẹlòmíràn á gbà á. Ohun tí mo ṣe kí n tó gba èkejì tèmi ni pé mo jókòó sódìkejì títì láti àárọ̀ títí di alẹ́, mo ń ka àwọn tó ń kọjá pẹ̀lú ẹrù ọjà lọ́wọ́. N kò ka àwọn tó kàn ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, nítorí èrò púpọ̀ lè kọjá níwájú ẹni láìra ohunkóhun. Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì gba yàrá náà.

Aláṣọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yára. Aṣọ ni mo ń tà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí Paraku, n kò ní owó ọjà tuntun, nítorí náà mo kó ìdajì ọjà ilé lọ síbẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn oníbàárà mi nílé fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn aṣọ tí mo ti kó lọ, tí mo bá sì ní kí wọ́n dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń kọjá sí. Ní Paraku ẹ̀wẹ̀, àwọn èèyàn ń wo pẹpẹ tó ṣófo, wọ́n ń rò pé ọjà mi ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tí mo fi síbẹ̀ sì jẹ mí lówó. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni mo lò kí n tó ti ibẹ̀ pa. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ọjà lé ẹbí lọ́wọ́ mọ́.

Akọ̀wé Ọjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé owó wọn ní Àjàṣẹ́ níbí, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì tó pa ti àkọ́kọ́. Ìyá, ẹ jẹ́ kí a tú àwọn àmì yín wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ní owó tí ẹ tà ti kúrò ní 1,850,000, ó ti di 2,400,000. Ṣùgbọ́n ṣé ọjà ló pọ̀ sí i ni, àbí iye owó ọjà ló gbówó lórí? Ẹ má fi séfà kà á. Ẹ lọ ka iye kéègì òróró àti iye àpò ìrẹsì tí ẹ rà lọ́dún yìí, kí ẹ sì fi wé ti èṣí. Bí iye kéègì kò bá yí padà, owó nìkan ló wú, ọjà kò gbòòrò.

Ẹ tún ní òróró ń tán kí Ọjọ́ Ẹtì tó pé. Ìyẹn lè túmọ̀ sí pé àwọn tó ń rà á pọ̀ ju ohun tí ṣọ́ọ̀bù lè gbà. Ó sì lè jẹ́ pé owó tí ẹ fi ń ra òróró ló kéré, nítorí àwìn ti gbé e mì. Ti àkọ́kọ́ lè tọ́ka sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ti kejì ń sọ fún yín pé kí ẹ lọ gba owó yín lọ́wọ́ àwọn onígbèsè. Ní ti àwọn tó ń ti Kétu wá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n? Ṣé ìyá tó ń ra ohun tí yóò sè nílé ni, àbí ẹni tó ń rà láti lọ tún tà? Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ra ju páálí kan lọ sínú ìwé.

Ní ti owó tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún wa bóyá owó èésú wà nínú rẹ̀, àti iye tó ń ṣẹ́kù lóṣù lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ìnáwó ilé. Mo sì fẹ́ bi Ìyá Aláṣọ ní ìbéèrè kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀: kí àbúrò ọkọ yín tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣé ẹ ka ọjà tí ẹ fi lé e lọ́wọ́, ṣé ẹ sì kọ àwìn tí wọ́n tà sílẹ̀? Bí a kò bá ka ọjà, a kò lè mọ̀ bóyá jíjẹ ni wọ́n jẹ owó tàbí àwìn ló tú u ká.

Aláṣọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n, a kò kà á. Mo fi ojú díwọ̀n rẹ̀ ni. N kò lè sọ pé àwìn kò sí níbẹ̀, nítorí ó máa ń sọ pé àwọn olùkọ́ kan yóò san ní ìparí oṣù. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì gbà pé gbogbo rẹ̀ ni àwìn.

Ọmọ Ìlárá

Ẹ̀yin ìyá, èmi kò rò pé ó dára kí ẹ fi Àjàṣẹ́ sílẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ààlà. Ẹ rántí pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ti ẹnubodè orí ilẹ̀, ó sì di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ìlárá níbí ń wo ìlẹ̀kùn ni. Ọjà tí mo máa ń tà fún àwọn ará òdìkejì dúró lọ́wọ́ mi títí ó fi bàjẹ́.

Akọ̀wé Ọjà

Àbúrò, ìyá kò ní àwọn fẹ́ fi Àjàṣẹ́ sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kejì ni wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín wúlò. Ìyá, tí ẹ bá ń ka àwọn tí yóò rajà lọ́wọ́ yín ní Kétu, ẹ ya àwọn tó ń gbé ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń ti ààlà wá, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ti ìlú nìkan lè bọ́ ṣọ́ọ̀bù náà.

Ọlọ́jà Wàǹdó (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣe bí ẹ ti wí, mo sì rí ohun tí n kò retí. Lọ́sẹ̀ mẹ́rin yìí mo ta 2,380,000. Nínú rẹ̀, èèyàn méjì péré láti Kétu ló ra ọjà 520,000, ní páálí-páálí, àwọn méjèèjì sì ní ilé ìtajà tiwọn. Èṣí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá, lẹ́yìn oṣù tí mo fi ṣe ìfiwéra yẹn. Bí mo bá yọ tiwọn kúrò, ohun tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti èṣí lọ. Ní ti kéègì òróró, mẹ́sàn-án ni àwọn aládùúgbò ń rà lọ́sẹ̀ ní èṣí, mẹ́sàn-án náà ni wọ́n ń rà báyìí.

Owó èésú wà nínú 1,300,000 náà. Èèyàn méjìlá ni a ń dá 50,000 lóṣooṣù, èmi ni mo kó ìkejì, nítorí náà 600,000 nínú owó yẹn jẹ́ ti èésú, ó sì ku oṣù mẹ́wàá tí mo gbọ́dọ̀ máa dá. Nínú 2,400,000 tí mo tà, èrè orí ọjà jẹ́ 290,000. Owó ilé, owó ọmọ tó ń bá mi tajà, iná, ọkọ̀ tó ń kó ọjà àti owó orí jẹ́ 110,000. Mo ń ná 110,000 sílé. Ó ku 70,000, n kò sì tíì yọ owó èésú kúrò nínú rẹ̀.

Akọ̀wé Ọjà

Ìyá, a dúpẹ́ pé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bá ìṣirò náà lọ, torí òun gan-an ló máa dáhùn ìbéèrè yín.

Lẹ́yìn èésú, 20,000 ló ń ṣẹ́kù lóṣù. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí Àjàṣẹ́ lè fi ran Kétu lọ́wọ́ bí Kétu bá rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ wá wo Kétu fúnra rẹ̀. Owó onílé sílẹ̀ àti ìdógò jẹ́ 160,000. Pẹpẹ, ìlẹ̀kùn àti mítà iná lè gba nǹkan bí 240,000. 900,000 ló kù fún ọjà, owó yín sì ti tán pátápátá. Lóṣooṣù, ẹ ó san owó ilé 20,000, owó ẹni tí yóò máa tajà 40,000, iná 8,000, owó ọkọ̀ ọjà láti Àjàṣẹ́ 35,000, nítorí ọ̀nà náà lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà, àti ìrìn ẹ̀yin fúnra yín 12,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 115,000.

Nínú 100 séfà tí ẹ bá tà, nǹkan bí 12 ni èrè yín. Kí èrè tó lè kájú 115,000, ẹ gbọ́dọ̀ ta nǹkan bí 960,000 lóṣù, ìyẹn 32,000 lójúmọ́, láìjẹ èrè kankan. Ibi tó yẹ kí ẹ ti fojú sílẹ̀ gan-an rèé: ọjà 900,000, bí ẹ bá ta gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan, yóò mú nǹkan bí 1,020,000 wọlé. Èyí ni pé gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá lóṣooṣù, kí ẹ tó lè bọ́ nínú gbèsè. Bí páálí wàrà bá jókòó oṣù méjì láìtà, ojú owó yín ni yóò máa jẹ.

Àwọn méjì tó ń ti Kétu wá yẹn tún ṣe pàtàkì. Ẹ̀yin rò pé wọ́n ń pè yín wá sí Kétu. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn níbẹ̀, ẹ di alábàádíje wọn. Wọn kò ní rajà lọ́wọ́ yín mọ́, ọjà bí 500,000 lóṣù yóò sì kúrò ní Àjàṣẹ́. Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti máa kó ọjà fún àwọn àti àwọn bíi tiwọn, kí ẹ má tíì gba yàrá.

Onípáàtì Kétu

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún ìṣirò yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ń rajà láti tún tà kì í ṣe oníbàárà tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí ẹni tó lè gbé wọn dé Dàńtọ́kpà ní Kùtọnú, wọn ò ní dúró ní Wàǹdó mọ́. Ìyá á wá pàdánù wọn náà, láìní ṣọ́ọ̀bù ní Kétu. Ẹ má gbàgbé pé bí àwọn méjì yìí bá ń ta páálí wọ̀nyẹn tán, ó hàn gbangba pé àwọn tó ń rà á wà ní Kétu.

Ohun tí mo gbà ni pé kí a dán an wò. Ọjà Kétu ń ná ní ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún. Kí ìyá wá pàtẹ sábẹ́ àtíbàbà fún oṣù kan, kí wọ́n wo bí yóò ti rí.

Elépo Pọ́bẹ̀

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtíbàbà yẹn dára, ṣùgbọ́n ó lè tan èèyàn jẹ, nítorí ó tan èmi jẹ. Ọjọ́ ọjà ni mo fi dán tèmi wò, mo sì tà dáadáa. Nígbà tí mo wá gba yàrá, mo rí i pé àwọn ará abúlé tó rajà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ọjà kì í wá sí ìlú ní ọjọ́ mẹ́rin tó kù. Kí ìyá pàtẹ lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n sì tún pàtẹ ní ọjọ́ méjì tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n tà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti ọjọ́ tí kì í ṣe ọjà ni kí wọ́n gbé lé 32,000 tí ẹ̀gbọ́n wí. Kí wọ́n má sì ṣe é nígbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tàbí nígbà ọdún, nítorí gbogbo èèyàn ló lówó nígbà yẹn.

Ní ti onílé, mo gbọ́ pé kò sí ohun tí ayálégbé lè ṣe bí onílé bá ní kó jáde, pàápàá lẹ́yìn tó ti ṣe pẹpẹ sí i. Ìyẹn ló mú kí ẹ̀rù máa bà mí láti fi owó sí yàrá èèyàn.

Akọ̀wé Ọjà

Ìyá Elépo, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà tí ẹ sọ yẹn jinlẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ti onílé kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Òfin Ohada lórí òwò, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà jọ ń lò, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2010, tí Bẹ̀nẹ̀ náà sì ń lò, fún oníṣòwò tó ti ṣe òwò tí wọ́n kọ sínú àdéhùn náà fún ọdún méjì, ó kéré tán, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n tún àdéhùn náà ṣe. Bí àdéhùn bá ní ọjọ́ tí yóò parí, ó gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó ku oṣù mẹ́ta kí ó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀tọ́ náà bọ́. Bí kò bá ní ọjọ́ ìparí, ẹni tó bá fẹ́ fòpin sí i gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà. Ibi tí èèyàn ti ń jìyà ni ìwé: àdéhùn ẹnu ṣòroó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kí ìyá kọ iye ọdún, iye owó, irú ọjà àti ẹni tó ni pẹpẹ sínú ìwé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ìdánwò kan tún kù, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Ìyá, kí ẹ tó lọ pàtẹ ní Kétu, ẹ kúrò ní Wàǹdó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ ka gbogbo ọjà ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ ó lọ, kí ẹ ṣirò rẹ̀ ní iye tí ẹ ń tà á. Bí ẹ bá dé, ẹ tún un kà. Ọjà tó wà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wọlé, tí ẹ bá yọ èyí tó kù kúrò nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ bá owó tó wà nínú àpótí àti àwìn tó wà nínú ìwé mu. Bí ṣọ́ọ̀bù kan kò bá lè dúró láìsí yín, méjì kò lè dúró.

Ọlọ́jà Wàǹdó (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Kétu ni mo wà fún ọjọ́ mẹ́wàá, n kò sì pe ọmọ náà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ọjà tó wà nílẹ̀ kí n tó lọ jẹ́ 1,450,000, èyí tó wọlé jẹ́ 600,000, èyí tí mo bá nígbà tí mo dé jẹ́ 1,422,000. Ó yẹ kí wọ́n ti ta 628,000. Owó tó wà nínú àpótí jẹ́ 596,000, àwìn inú ìwé jẹ́ 21,500. Ó ku 10,500 tí a kò rí.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo jókòó ti ọmọ náà, a sì tú ìwé wò. Ó ń ta wàrà kan ní iye rẹ̀ àtijọ́, nítorí orí mi ni iye tuntun wà, n kò kọ ọ́ síbikíbi. Wàrà yẹn nìkan gbé tó 7,000 nínú owó tó sọnù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí wọ́n tà kò ju 62,800 lójúmọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ a máa ń tà tó 80,000. Àwọn kan wá béèrè ọjà ní páálí-páálí, ọmọ náà kò mọ iye tí òun lè gbà, ó ní kí wọ́n dúró dè mí. Wọn kò dúró.

Akọ̀wé Ọjà

Ìyá, 10,500 kò tó nǹkan lójú ẹni tó bá ń wo 628,000. Ṣùgbọ́n èrè inú 628,000 jẹ́ nǹkan bí 75,000, nítorí náà ìdá kan nínú méje èrè náà ló sọnù. Ẹ kọ iye gbogbo ọjà sára pátákó, kí ẹ sì kọ ẹ̀dínwó tí ọmọ náà lè fún ẹni tó bá ra páálí márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ tún kúrò fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Aláṣọ Ṣábẹ̀ẹ́

Mo ka èyí, mo sì ronú kan àbúrò ọkọ mi. Èmi náà kò kọ iye aṣọ kankan sílẹ̀ fún un.

Onípáàtì Kétu

Ìyá, ẹ ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n mo kọjá níwájú yàrá yẹn láàárọ̀ yìí, ẹnì kan ń wọ̀n ọ́n.

Ọlọ́jà Wàǹdó

Mo ti bá onílé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní kí n fi 20,000 sílẹ̀ kí òun lè dì í mú di oṣù tó ń bọ̀, mo sì ní kó kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó fi ránṣẹ́. Kò tíì dáhùn. Mo ti kọ iye ọjà sára pátákó, mo sì ti bá ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń rajà ní páálí sọ̀rọ̀, ó ní bí mo bá lè gbé e dé iwájú ilé ìtajà òun ní Kétu, òun yóò máa rà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun ń fẹ́ àwìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mélòó nínú 20,000 tó ń ṣẹ́kù fún mi lóṣù ni mo lè fi ṣe àwìn bẹ́ẹ̀?